Lẹ́tà Tí Kò Jọ Tolè

Láàárọ̀ Mọ́ńdè kan, ìyá kan tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Àgọ́ Palace pè mí. Wáyà, sọ́kẹ́ẹ̀tì, gílóòbù àti fáàn ló ń tà. Àwọn kọngílá àti àwọn oníná láti Ìsọlọ̀, Ejígbò àti Òkè-Afá ló máa ń rà á lórí wẹ́ẹ̀bùsáìtì rẹ̀, kí wọ́n tó wá kó o. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ wẹ́ẹ̀bùsáìtì tuntun fún un ni. Ní alẹ́ Fúráìdè, ọmọkùnrin tó ń bá a ṣiṣẹ́ ti fi í-meèlì ránṣẹ́ sí gbogbo oníbàárà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, bí 2,400. Ohun tó kọ sókè lẹ́tà ni “URGENT: UPDATE YOUR ACCOUNT NOW”, bọ́tìnnì pupa ńlá kan sì wà láàárín.

“Bùọ̀dá,” ìyá náà ní, “àwọn oníbàárà mi ń bi mí bóyá àwọn ọmọ Yahoo ti gba ṣọ́ọ̀bù mi.”

Àwọn mìíràn ti tẹ bọ́tìnnì náà, wọ́n fi páswọ́ọ̀dù wọn àtijọ́ sí i, ó kọ̀ wọ́n. Èyí tó pọ̀ jù kò tilẹ̀ gbọ́ nǹkan kan. Mo wo wẹ́ẹ̀bùsáìtì náà, ó dára, ó sì yá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Lẹ́tà tí wọ́n fi kéde rẹ̀ ló bàjẹ́.

Ọ̀rọ̀ páswọ́ọ̀dù ló bí àwọn oníbàárà nínú jù. Wọ́n rò pé ẹni tó kó ẹrù láti ilé àtijọ́ lọ sí tuntun ló gbàgbé kọ́kọ́rọ́ àwọn sẹ́yìn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Wẹ́ẹ̀bùsáìtì tí wọ́n kọ́ dáadáa kì í tọ́jú páswọ́ọ̀dù ẹnikẹ́ni. Lọ́jọ́ tí ẹ kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ sí i, ẹ̀rọ á lọ̀ ọ́ bí ìgbà tí a ń lọ ata, ohun tó bá jáde lẹ́nu ọlọ nìkan ni yóò gbé pamọ́. Kó tó lọ̀ ọ́, á bu iyọ̀ sí i: àwọn lẹ́tà àti nọ́ńbà kan tó ṣà jọ láìtẹ̀lé ètò kankan, tí ti ẹnì kọ̀ọ̀kan sì yàtọ̀. Iyọ̀ náà gan-an ni àwọn tó dá ọgbọ́n yìí sílẹ̀ ń pè é. Nítorí rẹ̀, bí ènìyàn méjì bá tilẹ̀ ń lo páswọ́ọ̀dù kan náà, ata lílọ̀ wọn kò ní jọra. Nígbà tí ẹ bá padà wá, ẹ̀rọ á lọ èyí tí ẹ tẹ̀ pẹ̀lú iyọ̀ yín, á fi wé èyí tó wà nípamọ́. Bí wọ́n bá bára mu, ó di kẹ́ ẹ wọlé. Ata tí a ti lọ̀ kì í padà di ata tútù, nítorí náà onítajà kò lè sọ páswọ́ọ̀dù yín fún yín, ẹni tó kọ́ wẹ́ẹ̀bùsáìtì náà kò lè sọ ọ́, olè tó jí ata lílọ̀ náà kó pàápàá ní láti máa méfò ni.

Àmọ́ ọlọ kò dọ́gba. Wẹ́ẹ̀bùsáìtì ìyá náà ti tẹ́lẹ̀ wà lórí WordPress, tuntun wà lórí Shopify. Orúkọ oníbàárà, àdírẹ́sì ilé àti ọjà tí wọ́n ti rà ṣe é kó kọjá. Ata tí ọlọ WordPress lọ̀ kò wúlò fún ọlọ Shopify, Shopify kò sì gbà á. Ká ní láti WordPress sí WordPress ni, ata àti ọlọ ì bá jọ lọ, oníbàárà kankan kò ní mọ̀ pé ohunkóhun ṣẹlẹ̀. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tó yẹ ká bi ẹni tó ń kọ́ ọ nìyẹn, kí ẹnikẹ́ni tó kọ ìlà kan nínú lẹ́tà: ṣé páswọ́ọ̀dù ń bá wa lọ àbí kò bá wa lọ? Ìdáhùn rẹ̀ ló ń sọ bóyá oníbàárà ní iṣẹ́ láti ṣe rárá.

Bí iṣẹ́ bá wà, ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń ṣe ni pé kí wọ́n fi líǹkì tí a fi ń ṣe páswọ́ọ̀dù tuntun sínú lẹ́tà tó ń lọ sọ́dọ̀ gbogbo ayé. Mo kọ̀ ọ́. Irú líǹkì bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ kú. Òmíràn kì í ju wákàtí kan lọ, òmíràn kì í ju ọjọ́ kan. Oníná tó wà lórí òrùlé láti àárọ̀, tí dátà rẹ̀ tán ní Fúráìdè, ọjọ́ Túsìdè ló máa ka lẹ́tà yín. Á tẹ líǹkì náà, á rí i pé ó ti kú, á sì gbà pé ìtànjẹ ni. Èyí tó dára ni kí lẹ́tà ní kó fúnra rẹ̀ tẹ àdírẹ́sì ṣọ́ọ̀bù tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, kó tẹ “Forgot password?”, líǹkì tuntun á sì dé bá a ní ìṣẹ́jú tó ń dúró dè é.

Ìdí kejì wà fún ìyẹn. Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí báńkì TSB ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní oṣù kẹrin ọdún 2018, wọ́n kó àkáǹtì oníbàárà wọn tó lé ní mílíọ̀nù márùn-ún sórí ẹ̀rọ tuntun, iṣẹ́ náà dàrú, ọ̀pọ̀ kò lè wọlé. Àwọn gbájúẹ̀ mọ̀ pé gbogbo oníbàárà TSB ló ń retí ìròyìn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi lẹ́tà àti àtẹ̀jíṣẹ́ fóònù ránṣẹ́ lórúkọ báńkì náà. Ní oṣù kejìlá ọdún 2022, àwọn alábòójútó báńkì níbẹ̀ bu owó ìtanràn £48.65 mílíọ̀nù lé TSB lórí nítorí ìdàrúdàpọ̀ náà. Ìgbà tí nǹkan ń yí padà ni lẹ́tà olè máa ń ta jù. Bí lẹ́tà tiyín bá ti kọ́ oníbàárà láti tẹ bọ́tìnnì pupa, á tẹ tolè náà.

Ti àwọn tí kò rí lẹ́tà rárá ńkọ́? Nínú í-meèlì, ibi tí orúkọ ẹni tó kọ̀wé wà dà bí ẹ̀yìn àpò ìwé: ẹnikẹ́ni lè kọ orúkọ tó bá wù ú síbẹ̀. Nítorí náà, ẹ̀rọ Gmail kì í gba orúkọ náà gbọ́ bẹ́ẹ̀. Ó ń lọ wo DNS, ìwé àkọsílẹ̀ ìta gbangba tí oníwẹ́ẹ̀bùsáìtì kọ̀ọ̀kan ní, láti wá nǹkan mẹ́ta. SPF ni orúkọ àwọn ẹ̀rọ tí ẹ gbà láyè láti bá yín gbé lẹ́tà. DKIM ni òǹtẹ̀ tí wọ́n lù mọ́ lẹ́tà náà, tó máa bàjẹ́ bí ẹnikẹ́ni bá yí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ padà. DMARC ló ń bèèrè bóyá orúkọ tí oníbàárà ń rí bá orúkọ tó wà lára òǹtẹ̀ tàbí ti ẹni tó gbé e mu, ó sì ń sọ ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe sí lẹ́tà tí kò bá mu. Láti oṣù kejì ọdún 2024 ni Google àti Yahoo ti fẹsẹ̀ òfin yìí múlẹ̀. Lọ́dọ̀ Google, ẹni tó ń fi lẹ́tà tó tó 5,000 ránṣẹ́ sí Gmail lóòjọ́ gbọ́dọ̀ ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹni tí tirẹ̀ kéré gbọ́dọ̀ ní SPF tàbí DKIM.

Ìyá oníná ní SPF. Ilé iṣẹ́ tó bá a fi lẹ́tà ránṣẹ́ ló lu òǹtẹ̀ tiwọn mọ́ ọn, kì í ṣe tirẹ̀. Orúkọ méjì wá wà lára lẹ́tà kan. Ẹ ní kí ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún yín ní ìlà DKIM tiyín, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ DNS. DMARC kò le bẹ́ẹ̀ náà. Ká ní orúkọ ṣọ́ọ̀bù ni `inawa.example`:

```
_dmarc.inawa.example  TXT
"v=DMARC1; p=none; rua=mailto:iroyin@inawa.example"
```

`p=none` túmọ̀ sí pé kí wọ́n kàn máa wò ó, kí wọ́n máa fi ìròyìn ránṣẹ́ sí yín. Ẹ má fi èyí tó le síbẹ̀ kẹ́ ẹ tó rí i pé gbogbo lẹ́tà tiyín ń kọjá. Bí ẹ ṣe máa mọ̀ rọrùn: ẹ fi lẹ́tà kan ránṣẹ́ sí Gmail ara yín, ẹ ṣí i lórí kọ̀ǹpútà, ẹ tẹ àmì tó ní dọ́ọ̀tì mẹ́ta, ẹ yan “Show original”. Ó yẹ kí PASS wà níwájú SPF, DKIM àti DMARC. A dán ti ìyá náà wò, FAIL ló wà níwájú DMARC.

Mo tún rí nǹkan kan tí kò sẹ́ni tó ròyìn rẹ̀. Nígbà tí wọ́n kó DNS lọ sọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ tuntun, wọ́n gbàgbé ìlà MX, èyí tó ń sọ ibi tí lẹ́tà tó ń bọ̀ yóò gbà wọlé. Gbogbo oníbàárà tó fèsì láti bèèrè bóyá òótọ́ ni, èsì wọn kò dé. Fún ọjọ́ mẹ́ta, ṣọ́ọ̀bù náà dà bí ẹni tó kọ̀wé tán tó sá lọ. Ẹ fèsì sí lẹ́tà yín fúnra yín kẹ́ ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni.

Lẹ́tà kejì kúrú. Ohun tí a kọ sókè rẹ̀ ni “Wẹ́ẹ̀bùsáìtì wa ti yí padà, àdírẹ́sì kò yí”. Lábẹ́ rẹ̀: “Láti ọjọ́ Sátidé tó kọjá, ṣọ́ọ̀bù wa ti wà lórí ẹ̀rọ tuntun. Orúkọ yín àti ọjà tí ẹ ti rà wà níbẹ̀. Páswọ́ọ̀dù yín kò lè bá wa kọjá: bí ẹ bá fẹ́ wọlé, ẹ tẹ àdírẹ́sì wa bí ẹ ṣe ń tẹ̀ ẹ́ tẹ́lẹ̀, kí ẹ yan ‘Forgot password?’. Ẹ kò ní láti ṣe é lónìí. A kò ní bèèrè PIN, OTP tàbí BVN yín láé. Bí ó bá rú yín lójú, ẹ pe nọ́ńbà tó wà lára rìsíìtì yín.” Nọ́ńbà orí rìsíìtì la tọ́ka sí, a kò kọ ọ́ sínú lẹ́tà, torí olè lè kọ nọ́ńbà tirẹ̀ sínú lẹ́tà, kò lè kọ ọ́ sára ìwé tó ti wà nílé oníbàárà. A bẹ̀bẹ̀ fún lẹ́tà àkọ́kọ́ náà ní ìlà kan. A kò fi ẹ̀dínwó kankan sí i.

A kò sì da gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Google fẹ́ kí àwọn tó ń tẹ “Report spam” má dé 0.3 nínú ọgọ́rùn-ún. Nínú ẹgbẹ̀rún kan, ènìyàn mẹ́ta péré nìyẹn. Orúkọ tí kò fi lẹ́tà ránṣẹ́ rí, tó wá da 2,400 sílẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan, ojú olè ni ẹ̀rọ fi ń wò ó. Ní Túsìdè, a fi ránṣẹ́ sí 200 tó rajà láàárín oṣù méjì sẹ́yìn, torí àwọn ló mọ̀ ọ́n jù. Ọmọ ìyá náà jókòó ti fóònù. Ènìyàn mọ́kànlá pè, mẹ́jọ nínú wọn ló bèèrè ohun kan náà: ṣé gbèsè ọjà tí wọ́n gbà ṣì wà lákọsílẹ̀? A fi ìlà kan kún lẹ́tà nípa rẹ̀, a fi ránṣẹ́ sí 400 ní Wẹ́sìdè, a fi ránṣẹ́ sí 800 ní Tọ́sìdè, ìyókù lọ ní Mọ́ńdè.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí, àdírẹ́sì tó lé ní àádọ́jọ ló dá lẹ́tà padà pé kò sí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ àṣìkọ, “gmial” dípò “gmail”. Ìyá náà ní kí wọ́n tẹ̀ wọ́n sórí ìwé pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù wọn, ó fi gíláàsì rẹ̀ sójú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.