Àbá fún Ọ̀gá Ilé-Ìwé lórí Fífi Ẹ̀rọ Gbé Ìkéde Jáde

Nínú Meta Business Suite, olùkọ́ lè kọ ìkéde ìwọlé sílẹ̀ lónìí, kí ó sì yan ọjọ́ àti wákàtí tí yóò jáde lórí Fésíbúùkù àti Ínsítágíráàmù ilé-ìwé. Apá yìí rọrùn láti ṣàlàyé fún ọ̀gá. Ibi tí wàhálà wà ni pé bí ìjọba bá sún ọjọ́ ìwọlé síwájú ní ọ̀sẹ̀ kan, ẹ̀rọ kò mọ̀. Ọjọ́ àtijọ́ ni yóò kéde, àwọn òbí yóò sì kó ọmọ wá bá géètì títì. Nítorí náà, kí àbá náà sọ ẹni tí yóò yẹ ìkéde wò ní ọjọ́ tó ṣáájú, tí ó sì láṣẹ láti dá a dúró. Ínsítágíráàmù kì í gba ìkéde tí kò ní àwòrán tàbí fídíò. Bí ó bá ti jáde, a kò lè pààrọ̀ àwòrán náà mọ́, ṣùgbọ́n a lè tún ọ̀rọ̀ abẹ́ rẹ̀ kọ. Abẹ́ àwòrán ni kí a kọ ọjọ́ ìwọlé sí, kì í ṣe sára rẹ̀.