Àjàgà Màlúù Kò Bá Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ Mu

Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe ní Bẹ̀líìnì, àmọ́ ní Sátidé mo máa ń lọ ràn wọ́n lọ́wọ́ ní oko kékeré kan lẹ́yìn ìlú, níbi tí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kan ti ń fa kẹ̀kẹ́ igi ìdáná. Èmi ni mo dá egbò sí i lọ́rùn.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Mo lọ kí ọ̀rẹ́ mi nítòsí Hámbọ́ọ̀gì, mo sì rí akọ màlúù méjì tí wọ́n ti tẹ̀ lọ́dàá, tí wọ́n fi àjàgà igi túlẹ̀. Ọrùn màlúù nípọn, ibi tó ti pàdé ẹ̀yìn sì ga díẹ̀, ibẹ̀ ló fi ń ti àjàgà náà. Mo rò pé èyí náà á ṣiṣẹ́ fún kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ wa. Mo gbẹ́ igi tèmi, mo fi ìtìmùtìmù sí i, a sì lò ó fún wákàtí méjì.

Nígbà tí a tú u, gbogbo ọrùn rẹ̀ ló ti tutù fún òógùn, àfi ojú ibi méjì tí igi ti tẹ̀ ẹ́, tí wọ́n gbẹ gan-an. Mo ní gbígbẹ yẹn dára. Ìyá àgbà tó ni oko kàn mi orí. Ó ní ibi tó gbẹ yẹn gan-an ló burú jù, torí igi ti tẹ̀ ẹ́ débi pé òógùn ò lè jáde. Lọ́jọ́ kejì ó wú, ó sì gbóná, irun sì bẹ̀rẹ̀ sí í já.

Ọrùn kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tín-ín-rín, ẹran tó bo eegun ibẹ̀ kò pọ̀. Àyà ló fi ń fa ẹrù. Awọ fífẹ̀ tó ìka mẹ́rin ni wọ́n ń fi sí àyà rẹ̀, wọ́n á sì fi okùn mìíràn gbé e kọ́ ọrùn kó má bàa yọ̀ wálẹ̀. Kí ẹ mọ ibi tó yẹ kó wà, ẹ fi ọwọ́ kan àyà rẹ̀ bó ṣe ń rìn, ẹ ó rí oríkèé èjìká tó ń yọ síwájú. Òkè rẹ̀ díẹ̀ ni awọ ń gbà. Bó bá sọ̀ kalẹ̀ ju ìyẹn, ẹsẹ̀ ò ní lè nà dáadáa, ìṣísẹ̀ rẹ̀ á kúrú. Bó bá sì ga jù, á fún un ní ọ̀nà ọ̀fun, á máa mí hẹ̀lẹ̀hẹ̀lẹ̀. Àtẹ́lẹwọ́ gbọ́dọ̀ lè wọ abẹ́ rẹ̀.

Ìsinmi wọn náà yàtọ̀. Màlúù gbọ́dọ̀ rí àyè dùbúlẹ̀ kó jẹ àpọ̀jẹ, ìdí nìyẹn tí àwọn ti Hámbọ́ọ̀gì fi ń ṣiṣẹ́ láàárọ̀ nìkan. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kì í jẹ àpọ̀jẹ, díẹ̀díẹ̀ ló ń jẹun látàárọ̀ dalẹ́. Tiwa wọ̀n tó kílò 150, ó sì ń jẹ nǹkan bíi kílò méjì àbọ̀ lójúmọ́, pòròpórò bálì ló pọ̀ jù níbẹ̀. Bí wọ́n bá ń fún un ní ọkà púpọ̀, á sanra, pátákò rẹ̀ sì lè máa dùn ún.

A ò fi nǹkan kan sí i lọ́rùn títí egbò náà fi jinná. Irun funfun ló hù síbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni yóò sì wà. Sátidé tó kọjá, mo ki ọwọ́ bọ abẹ́ awọ àyà rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì ká tó gbéra.