Láti Inú “Ẹ̀ẹ́n… Ṣé Ó Ń Yé Yín Sà” sí Ímeèlì Ọ́fíìsì

Ká ní alábòójútó sítọ̀ kan ní Ìbàdàn, níbi tí wọ́n ti ń ta ẹja yìnyín, fi fóìsì nóòtì ránṣẹ́ sí akọ̀wé lórí Wásáàpù ní Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 10 oṣù Kẹfà, ọdún 2025, pé kó bá òun sọ ọ́ di ímeèlì sí máníjà àgbà ní Èkó. Akọ̀wé gbọ́ ọ, ó sì tẹ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe jáde lẹ́nu:

“Ẹ káàárọ̀ sà, ẹ kú iṣẹ́ o sà. Ẹ̀ẹ́n… ọ̀rọ̀ jẹnẹrétọ̀ yẹn náà ni sà. Ó tún ti kú. Àwa rò pé fíltà ni, ṣùgbọ́n mẹkáníìkì wá lánàá, ó ní, kí ni wọ́n ń pè é, ó ní bóyá pọ́ǹpù dísù ẹ̀ ni. Owó ẹ̀ máa tó ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́ta, rárá o, ọgọ́rin, iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀ wà níbẹ̀. Ṣé ó ń yé yín sà? Torí àwọn lágbájá yẹn ń kó ẹja wá ní Fúráìdé, firísà ò sì… ẹ ṣáà mọ bí iná ṣe rí níbí. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá wa wá nǹkan ṣe sí i.”

Yíyọ “ẹ̀ẹ́n”, “kí ni wọ́n ń pè é” àti “ṣé ó ń yé yín” kúrò kò le. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ló fi wọ́n ra àkókò kó lè ronú, ẹni tó ń ka lẹ́tà kò sì nílò wọn. Ọ̀rọ̀ jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n kọ́kọ́ rò pé fíltà ni náà lè lọ, nítorí mẹkáníìkì ti sọ ohun mìíràn.

Ibi tí iṣẹ́ wà ni àwọn ọ̀rọ̀ tó jọ pàǹtí tí kì í ṣe pàǹtí. “Rárá o” yẹn, àtúnṣe ni. Òun àti “ọgọ́ta” tó ṣáájú rẹ̀ ló jọ ń lọ, ọgọ́rin nìkan ló kù. Mo ti rí akọ̀wé tó yọ “rárá” tó sì fi iye méjèèjì sílẹ̀, ni ọ̀gá bá rò pé owó náà lè jẹ́ èyíkéyìí láàárín wọn, ó sì mú èyí tó kéré.

“Bóyá” tún léwu jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí a bá yọ ọ́ kí gbólóhùn lè mọ́, a ti sọ ìfura mẹkáníìkì di òótọ́ tó dájú. Bí wọ́n bá wá ra pọ́ǹpù tuntun tí jẹnẹrétọ̀ ò sì dáhùn, alábòójútó ni wọ́n máa bi pé ta ló sọ bẹ́ẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ wà nínú ímeèlì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ mìíràn la fi sọ ọ́.

Àwọn nǹkan kan sì wà tí akọ̀wé ò lè dá hùmọ̀. Ta ni “àwọn lágbájá”? Ṣé mẹkáníìkì ti tú pọ́ǹpù náà wò? Ìgbà wo gan-an ni wọ́n ń fẹ́ owó? Ó pe alábòójútó padà. Àwọn tó ń kó ẹja wá fún wọn ni lágbájá, mẹkáníìkì ò tíì tú nǹkan kan, bí owó bá sì ti wọlé kí Ọjọ́rú tó parí, ó tó. Akọ̀wé ló rán an létí pé Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 12, jẹ́ Àyájọ́ Ìjọba Àwaarawa, ọ́fíìsì ò ní ṣí. Ẹni tó bá kàn kọ “kó tó di Ọjọ́ Ẹtì” ti fi ọjọ́ kan ṣòfò láìmọ̀. “Lánàá” náà gbọ́dọ̀ di ọjọ́ gidi, torí máníjà lè má ka lẹ́tà náà títí di ọjọ́ kejì.

Ohun tí alábòójútó fi parí ọ̀rọ̀, ìyẹn ẹ̀bẹ̀, ló máa ṣíwájú nínú ímeèlì. Bí ọ̀gá bá ka ìlà kan péré, kó mọ ohun tí a ń fẹ́:

Àkọlé: Ẹ̀bẹ̀ fún ₦80,000 láti tún jẹnẹrétọ̀ sítọ̀ Ìbàdàn ṣe

Ẹ káàárọ̀ sà,

A ń bẹ̀ yín kí ẹ fọwọ́ sí ₦80,000 fún àtúnṣe jẹnẹrétọ̀ wa, kí owó náà sì lè wọlé kí iṣẹ́ tó parí ní Ọjọ́rú, ọjọ́ 11 oṣù Kẹfà, nítorí ìsinmi Ọjọ́bọ̀.

Jẹnẹrétọ̀ náà tún ti kú. Mẹkáníìkì tó yẹ̀ ẹ́ wò ní Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 9, fura sí pọ́ǹpù dísù, ṣùgbọ́n kò tíì tú u. Owó iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ wà nínú iye yìí.

Àwọn tó ń kó ẹja wá fún wa ń bọ̀ ní Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 13. Bí iná bá lọ tí kò sì sí jẹnẹrétọ̀, ẹja náà lè bàjẹ́ nínú firísà.

Ẹ ṣé sà.
Alábòójútó sítọ̀, Ìbàdàn

Ìkíni ṣẹ́ku ẹyọ kan, “sà” sì dín kù, ṣùgbọ́n ọ̀wọ̀ ò lọ. Ká tó fi ránṣẹ́, ẹ jẹ́ kí ẹni tó sọ̀rọ̀ kà á, torí orúkọ rẹ̀ ló wà nísàlẹ̀. Ẹ má sì pa fóìsì nóòtì náà rẹ́ títí owó á fi wọlé. Bí ẹnikẹ́ni bá jiyàn lórí ọgọ́rin tàbí ọgọ́ta, ohùn yẹn la máa padà lọ gbọ́.