Ohun Tó Ń Mú Kí Ilẹ̀ Mì, àti Ohun Tó Yẹ Kí Akẹ́kọ̀ọ́ Ṣe

Iyẹ̀pẹ̀ tí àgbẹ̀ ń kọ ebè sí kò nípọn. Àpáta ló wà lábẹ́ rẹ̀, àpáta náà sì lọ sísàlẹ̀ ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ kìlómítà. Kì í ṣe odindi kan ṣoṣo ló bo gbogbo ayé. Ó pín sí ègé ńláńlá, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì ń rìn díẹ̀díẹ̀ lórí àpáta gbígbóná tó wà nísàlẹ̀. Ègé tó gbé ilẹ̀ Áfíríkà dúró ń sún ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 2 lọ́dún. Níbi tí ègé méjì bá ti ń fún ara wọn, bíi ti Japáànù àti Ṣílè, kò sígbà tí ilẹ̀ kì í mì.

Nàìjíríà, Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò jìnnà sí irú ààlà bẹ́ẹ̀. Èyí tó sún mọ́ wọn jù wà láàárín òkun Àtìláńtíìkì. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi gbà pé ilẹ̀ Yorùbá kò lè mì. Àmọ́ ó ti mì rí. Lóṣù Keje ọdún 1984, ilẹ̀ mì ní Ìjẹ̀bú-Òde àti àwọn ìlú tó yí i ká. Lóṣù Kẹta ọdún 2000, ó tún mì ní Ìbàdàn àti àwọn ìlú mìíràn ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà. Lóṣù Kẹsàn-án ọdún 2009, ó mì ní agbègbè Alládà ní Bẹ̀nẹ̀, àwọn ará Abẹ́òkúta sì mọ̀ ọ́n lára. Ọ̀kan lára àwọn tó le jù ní ẹkùn náà ni ti Àkírà ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹfà ọdún 1939. Agbára rẹ̀ ju 6 lọ lórí òṣùwọ̀n ìmìtìtì, ó wó ilé, ó sì pa èèyàn.

Bí ààlà bá jìnnà tó bẹ́ẹ̀, kí ló wá ń mi ilẹ̀ náà? Láàárín òkun, àpáta tuntun ń jáde láti ìsàlẹ̀, ó sì ń ti ègé Áfíríkà láti ẹ̀gbẹ́. Títì yìí kì í tán sí etí òkun. Ó ń wọ inú ilẹ̀ lọ. Àpáta ilẹ̀ Yorùbá sì ní ojú sísán àtijọ́ nínú. Ọ̀kan tí àwọn onímọ̀ ilẹ̀ mọ̀ dáadáa gba agbègbè Ifẹ̀wàrà kọjá, nítòsí Ilé-Ifẹ̀ àti Iléṣà. Irú ojú sísán bẹ́ẹ̀ lè dákẹ́ fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún, kí títì náà máa kó jọ sára rẹ̀. Bí ẹni tẹ igi gbígbẹ ni: igi náà yóò máa tẹ̀, kò ní ṣe nǹkan kan, yóò kàn ṣẹ́ lójijì. Nígbà tí àpáta ẹ̀gbẹ́ kejì bá yọ̀ kúrò lára èkejì báyìí, agbára tó ti kó jọ á jáde bí ìgbì, ìgbì yìí ló sì ń mi ilẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò tíì lè sọ ọjọ́ àti wákàtí tí èyí yóò ṣẹlẹ̀. Bí ẹnì kan bá fi ìròyìn ránṣẹ́ lórí fóònù pé ilẹ̀ yóò mì lọ́la ní aago mẹ́ta, irọ́ ni.

Ìgbì náà pé méjì, ó sì yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ ìyàtọ̀ wọn. Ti àkọ́kọ́ ń sáré ní nǹkan bíi kìlómítà 6 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ó máa ń dà bí ìjì kékeré lábẹ́ ẹsẹ̀. Wíńdò á máa gbọ̀n, ajá lè gbó. Èkejì kò yára tó o, kìlómítà 3.5 péré ni, ṣùgbọ́n òun ló ń fi ilẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún, òun ló sì ń wó ògiri. Bí ilé-ìwé kan bá wà ní kìlómítà 42 sí ibi tí àpáta ti yọ̀, ìgbì àkọ́kọ́ á dé ibẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú-àáyá 7, èkejì á dé lẹ́yìn 12. Ìṣẹ́jú-àáyá 5 ló wà láàárín. Kò tó láti sọ̀ kalẹ̀ láti òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ṣùgbọ́n ó tó láti wọ abẹ́ tábìlì. Bí ilé-ìwé bá sì wà lórí ibi tí àpáta ti yọ̀ gan-an, méjèèjì á fẹ́rẹ̀ẹ́ dé pọ̀.

Àwọn tó ń gbé nítòsí ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta lè rò pé bọ́ǹbù kúárì ni. Ti kúárì máa ń dún gbàù lẹ́ẹ̀kan, ó sì tán. Ìmìtìtì ilẹ̀ máa ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì sábà máa ń le sí i kó tó rọlẹ̀. Ẹni tí kò bá dá a lójú kó kọ́kọ́ ṣe bí ẹni pé ilẹ̀ ló ń mì.

Nínú kíláàsì, ohun tó yẹ ni kí akẹ́kọ̀ọ́ kúnlẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kó wọ abẹ́ tábìlì, kó fi ọwọ́ kan bo orí àti ọrùn, kó fi èkejì di ẹsẹ̀ tábìlì mú. Dídì í mú ṣe pàtàkì, torí tábìlì náà á máa sún kiri, kò sì yẹ kó fi ẹni tó wà lábẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Bí kò bá sí tábìlì, kó jìnnà sí wíńdò àti kọ́bọ́ọ̀dù, kó kúnlẹ̀ lẹ́bàá ògiri inú, kó sì fi ọwọ́ méjèèjì bo orí. Ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ aláìlèrìn yóò ti bíréèkì rẹ̀, yóò tẹrí ba, yóò sì bo orí.

Sísáré jáde ló sábà máa ń ṣeni léṣe. Ilẹ̀ tó ń mì kì í jẹ́ kí ẹsẹ̀ dúró, ọmọ ogójì ní ẹnu ọ̀nà kan yóò sì tẹ ara wọn mọ́lẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ni gíláàsì àti búlọ́ọ̀kù orí ilé sì máa ń já bọ́ sí. Ọ̀rọ̀ ilé alámọ̀ tí òrùlé rẹ̀ wúwo yàtọ̀ díẹ̀, torí odindi ògiri rẹ̀ lè wó lulẹ̀. Ẹni tó jókòó sí ẹnu ọ̀nà irú ilé bẹ́ẹ̀, tí gbangba sì wà níwájú rẹ̀, lè bọ́ síta kíá. Àwọn tó jìnnà sí ẹnu ọ̀nà kí wọ́n dúró, kí wọ́n bo orí.

Ẹni tó bá wà níta kó má wọlé. Kó kúrò lábẹ́ wáyà iná àti táǹkì omi, kó sì jìnnà sí fẹ́ńsì ju bí fẹ́ńsì náà ti ga tó lọ. Fẹ́ńsì búlọ́ọ̀kù tí kò ní irin nínú wà lára ohun tó máa ń kọ́kọ́ ṣubú.

Orí àsẹ́ńbìlì ló yẹ kí tíṣà ti fi gbogbo èyí hàn. Kó gbé tábìlì kan síwájú, kí ọmọ kan wọ abẹ́ rẹ̀, kí àwọn yòókù wo bó ṣe di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. Lẹ́yìn náà kí kíláàsì kọ̀ọ̀kan ṣe é fúnra rẹ̀. Pápá àsẹ́ńbìlì náà sì lè jẹ́ ibi ìpéjọ lẹ́yìn ìmìtìtì, bí kò bá sún mọ́ ilé tàbí wáyà.

Nígbà tí ilẹ̀ bá dúró, kí wọ́n rìn jáde, kí wọ́n má sáré, kí tíṣà sì pe orúkọ láti inú ìwé ìpè. Ilẹ̀ lè tún mì láàárín wákàtí mélòó kan, ògiri tó ti sán tẹ́lẹ̀ sì lè wó nígbà náà. Ọmọ tó gbàgbé báàgì kó má padà lọ mú un. Kí wọ́n ti gáàsì ilé ìdáná pa, kí wọ́n má sì tan iná bí òórùn gáàsì bá wà. Bí ojú sísán bá dábùú ògiri láti igun wíńdò, tàbí bí ilẹ̀kùn tó ń tì dáadáa tẹ́lẹ̀ kò bá tì mọ́, ara ilé náà ti yẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́ títí ẹni tó mọ ilé kíkọ́ yóò fi yẹ̀ ẹ́ wò.