Nígbà Tí Iye Owó Bá Ń Lọ Ọ̀tọ̀, Tí Eré Ọjà Ń Lọ Ọ̀tọ̀

Ní ọjọ́ 20 oṣù Kọkànlá ọdún 2008, S&P 500, ìyẹn òǹkà tí wọ́n fi ń wo bí ìpín-ìdókòwò àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá ilẹ̀ Amẹ́ríkà ṣe ń ṣe, parí ọjọ́ ní 752.44. Kò tíì rẹlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ láti ọdún 1997. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń wo ìlà kékeré kan tó wà lábẹ́ ìlà iye owó lójú kọ̀ǹpútà rí nǹkan mìíràn. Ìlà náà ti wọlẹ̀ ju báyìí lọ dáadáa ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹwàá, nígbà tí òǹkà ọjà ṣì wà ní 899.22. Iye owó ń sọ pé nǹkan ń burú sí i, ìlà kékeré ń sọ pé ó ti ń sàn díẹ̀. Ìyapa ni àwọn oníṣòwò ń pè é, ọ̀pọ̀ wọn ló sì gbà pé ọjà ti kan ìsàlẹ̀.

Ọjà kò tíì kan ìsàlẹ̀. Ó ku oṣù mẹ́ta àti ààbọ̀.

Orúkọ ìlà kékeré náà ni RSI. Ọmọ Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ J. Welles Wilder ló gbé e jáde nínú ìwé rẹ̀ ní ọdún 1978. Kì í wọn iye tí wọ́n ń ta nǹkan. Eré tí iye náà ń sá ló ń wọ̀n, láti 0 títí dé 100. Tó bá kọjá 70, wọ́n á ní ọjà ti gbóná jù. Tó bá wọlẹ̀ ju 30 lọ, wọ́n á ní wọ́n ti tà á jù. Ọjọ́ 14 ni Wilder fi ṣe òdiwọ̀n rẹ̀, òun náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣì ń lò.

Ìṣirò rẹ̀ kò le, òun ló sì máa jẹ́ kí ohun tó kù yé ènìyàn. Ká ní láàárín ọjọ́ 14, gígòkè iye owó ìpín kan jẹ́ náírà 6 lójúmọ́ tí a bá pín in dọ́gba, tí wíwálẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ náírà 2. Tí a bá fi 2 pín 6, a ó rí 3. RSI á wá jẹ́:

```
100 - 100 / (1 + 3) = 75
```

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ká ní gígòkè ti dín sí náírà 3, tí wíwálẹ̀ ṣì wà ní náírà 2. A ó rí 1.5, RSI á sì bọ́ sí 60. Ẹ kíyèsí i pé iye owó kò tíì wálẹ̀ rárá, nítorí náírà 3 ṣì ju náírà 2 lọ. Bíi ọkọ̀ tó ń gun òkè ni: ó ṣì ń gòkè, àmọ́ eré rẹ̀ ti dín. Gbogbo ohun tí ìyapa ń sọ kò ju èyí lọ. Kò sọ pé ọkọ̀ ti yí orí padà.

Oríṣi méjì ni ìyapa yìí. Èkíní ń kìlọ̀ pé ọjà lè já wálẹ̀: iye owó á kan òkè tó ga ju ti tẹ́lẹ̀, àmọ́ òkè tí RSI kàn á rẹlẹ̀ ju tirẹ̀ àtẹ̀yìnwá. Èkejì ń sọ pé ọjà lè gbérí: iye owó á wọlẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀, àmọ́ RSI kò ní wọlẹ̀ tó ti tẹ́lẹ̀. Òkè la máa ń fi wé òkè, ìsàlẹ̀ la sì máa ń fi wé ìsàlẹ̀, ní ọjọ́ kan náà lórí ìlà méjèèjì. Ẹni tó bá fi òkè iye owó ti ọ̀sẹ̀ yìí wé òkè RSI ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ti ń wá ohun tó wù ú ni.

Ẹ jẹ́ ká padà sí ọdún 2008, nítorí oríṣi kejì yìí yọjú níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta léraléra. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹwàá, òǹkà bọ́ sí 848.92, RSI kò sì wọlẹ̀ tó ti ọjọ́ 10. Ọjà gbérí lóòótọ́: títí di ọjọ́ 4 oṣù Kọkànlá, ó ti dé 1005.75, èrè bí ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún. Lẹ́yìn náà ló já dé 752.44 tí a fi bẹ̀rẹ̀. Ìyapa kejì nìyẹn. Ọjà tún gbérí, ó dé 934.70 ní ọjọ́ 6 oṣù Kìíní ọdún 2009, ó sì tún já. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹta, ó parí ní 676.53, RSI ṣì ga ju ti ọjọ́ 10 oṣù Kẹwàá lọ. Ìyapa kẹta yìí ló jẹ́ òótọ́. Nígbà tí ọdún 2009 fi máa parí, òǹkà ti dé 1115.10.

Kí ló fà á tí méjì àkọ́kọ́ fi tan àwọn ènìyàn? Inú ìṣirò yẹn ni ìdáhùn wà. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ oṣù Kẹwàá títí di ọjọ́ 10, ọjà ń já lójoojúmọ́, gígòkè fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí, RSI sì rì gidigidi. Lẹ́yìn irú ìrì bẹ́ẹ̀, ọjọ́ kan tàbí méjì tí ọjà bá gbérí ti tó láti mú kí RSI tó tẹ̀lé e ga ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ìyapa á fẹ́rẹ̀ẹ́ di dandan, yálà ọjà ń ràn padà tàbí kò ràn. Èrò akọ̀ròyìn yìí ni pé níbi tí ẹ̀rù ti ba gbogbo ayé lẹ́ẹ̀kan náà ni ó yẹ kí ènìyàn ti fura sí àmì yìí jù.

Bákan náà ló rí lókè. Nínú oṣù Kìíní ọdún 2021, Bítíkọ́ìnì dé nǹkan bí 42,000 dọ́là, RSI ọlọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ rẹ̀ sì kọjá 90. Irú eré yẹn kò ṣeé sá lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tó fi dé 64,800 dọ́là nínú oṣù Kẹrin, RSI ti rẹlẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n ẹni tó bá tẹ̀lé ìkìlọ̀ náà kó tó di ìgbà yẹn, tó tà nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá 42,000, ti pàdánù èrè tó pọ̀. Ní oṣù Kọkànlá, iye owó kan 69,000, RSI tún rẹlẹ̀ sí i. Ọdún kan lẹ́yìn náà, Bítíkọ́ìnì ti wà ní ìsàlẹ̀ 16,000.

Àmì èké mìíràn kò tilẹ̀ ti inú ọjà wá. RSI ọjọ́ tí kò tíì parí ń yí padà pẹ̀lú gbogbo ìdúnàádúrà, nítorí náà ìyapa tí ènìyàn rí ní ọ̀sán lè ti pòórá nígbà tí ọjà bá tì. Ní ọjà ìpín-ìdókòwò wa ní Èkó, àwọn ìpín kan wà tó lè lo ọjọ́ bíi mélòó kan láìsí ẹni tó rà wọ́n. Ìlà RSI wọn á ṣì máa hàn lójú ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n kò sí eré kankan tó ń wọ̀n níbẹ̀.

Àwọn tó mọ iṣẹ́ náà kì í ra ọjà nítorí ìyapa nìkan. Wọ́n á dúró kí iye owó kọjá òkè tó wà láàárín ìsàlẹ̀ méjèèjì. Fún ìyapa oṣù Kọkànlá, òkè yẹn ni 1005.75, ọjà kò sì kọjá a, ẹni tó dúró kò rà. Fún ti oṣù Kẹwàá, òkè tó wà láàárín ni 1003.35, ọjà fi díẹ̀ báyìí kọjá a, ó sì tan àwọn tó dúró pàápàá. Fún ti oṣù Kẹta, 934.70 ni, ọjà sì kọjá a ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹfà, nígbà tó parí ní 942.87. Ẹni tó dúró dìgbà yẹn ti jẹ́ kí èrè bí ìdá 39 nínú ọgọ́rùn-ún kọjá lọ. Ẹni tí kò lè dúró tó bẹ́ẹ̀ níláti mọ ibi tí àmì rẹ̀ ti kú, ìyẹn ọjọ́ tí iye owó bá parí sí ìsàlẹ̀ ibi tí ó ti rí ìyapa. Fún àwọn tó rà ní 752.44, ọjọ́ 23 oṣù Kejì ọdún 2009 ni, nígbà tí òǹkà parí ní 743.33.