Bí A Ṣe Ń Tú Ìlànà Ìmáàkì Inú Fọ́tò

Lásìkò ìdánwò, orí Wásáàpù ni ìlànà ìmáàkì ti ń bá ọ̀pọ̀ olùkọ́: fọ́tò ìwé kan tí wọ́n yà lórí tábìlì, tí etí rẹ̀ ká kò díẹ̀. Kí olùkọ́ tó fọwọ́ kan ìwé akẹ́kọ̀ọ́ kankan, ó yẹ kó tú fọ́tò náà sí àtòjọ: kókó kan lórí ìlà kan, máàkì rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú ìbéèrè Bàyọ́lọ́jì kan tó gba máàkì 10. Apá kìíní ní kí akẹ́kọ̀ọ́ sọ ohun tí ọ́símósìsì jẹ́, fún máàkì 3. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni ìdáhùn inú fọ́tò, ṣùgbọ́n kókó mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀: omi ló ń rìn, ibi tí omi ti pọ̀ ju iyọ̀ tàbí ṣúgà lọ ló ti ń kúrò lọ síbi tí ìyẹn ti pọ̀, ó sì ń gba inú awọ tín-ín-rín tí kì í jẹ́ kí gbogbo nǹkan kọjá. Ìlà mẹ́ta nìyẹn, máàkì kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó gbàgbé awọ yóò gba 2.

Apá kejì to ìwúlò márùn-ún sílẹ̀, ó sì ní èyíkéyìí mẹ́ta ló gba máàkì 3. Máràrùn-ún ni kí ẹ kọ, kí ẹ wá kọ ọ́ sókè pé kò gbọdọ̀ ju 3 lọ. Bí ẹ bá kọ mẹ́ta àkọ́kọ́ nìkan, ẹ ó fìyà jẹ akẹ́kọ̀ọ́ tó mọ ìkarùn-ún.

Apá kẹta ni fọ́tò ti máa ń tanni jẹ jù. Iṣẹ́ àṣewò onísu ni: a bó iṣu, a gbẹ́ ihò sí i láàárín, a fi omi ṣúgà sínú ihò náà, a gbé e sínú àwo omi, a sì ṣe irú rẹ̀ pẹ̀lú iṣu sísè. Ìgbésẹ̀ mẹ́jọ, ààbọ̀ máàkì kọ̀ọ̀kan. Nínú fọ́tò tó ṣú, ½ lè dà bíi 1. Ẹ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀: 3, 3 àti 8 jẹ́ 14, bẹ́ẹ̀ ìbéèrè ò gbà ju 10 lọ. Ibi tí àṣìṣe wà nìyẹn; nígbà tí 8 bá padà di 4, ìṣirò á bára mu.

Ṣùgbọ́n ìṣirò kì í mú ọ̀rọ̀ tí a ṣì kà. Bí ẹ bá yí ibi tí omi ti ń kúrò àti ibi tó ń lọ padà, àròpọ̀ á ṣì jẹ́ 10. Nítorí náà, kí ẹnì kan mú ìwé gan-an lọ́wọ́, kí ẹ máa ka àtòjọ yín sí i létí.

Kì í ṣe gbogbo ìbéèrè ló ṣeé tú báyìí. Nínú àròkọ Gẹ̀ẹ́sì ti Wáẹ́ẹ̀kì, tó gba máàkì 50, àkóónú ní 10, ètò ní 10, ìlò èdè ní 20, àìṣàṣìṣe ní 10. Ẹ lè to kókó àkóónú sílẹ̀, ṣùgbọ́n ìlò èdè ní láti wà lọ́wọ́ ẹni tó ka àròkọ náà látòkèdélẹ̀.