Kí Ọ̀rẹ́ Tó Bá Ọ Wá Orúkọ

Bí èèyàn bá ní kí àwọn ọ̀rẹ́ òun bá òun wá orúkọ fún òwò tuntun, tí kò sì sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, àdúrà ni wọn yóò máa kó ránṣẹ́. Ògo á dé, Ìṣẹ́gun á dé, Ìbùkún á tẹ̀lé e, ẹnì kan á sì fi "Intanáṣọ́nà" kún ọ̀kan nínú wọn. Kò sí èyí tó burú níbẹ̀, àmọ́ kò sí èyí tí a kò lè kọ sára ilé búrẹ́dì tàbí ṣọ́ọ̀bù aránṣọ. Ohun tó bá ọ̀rẹ́ mi kan nìyẹn, tíṣà ìṣirò ní Ìbàdàn, nígbà tó fẹ́ ṣí ilé lẹ́sìnnì sí agbègbè Àkóbọ̀. Gbólóhùn kan ṣoṣo ló kọ sí wọ́sáàpù àwọn tí wọ́n jọ kọ́ṣẹ́ olùkọ́: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá orúkọ tó dáa." Kí ilẹ̀ tó ṣú, orúkọ ti kún fóònù rẹ̀, kò sì rí ọ̀kan mú.

Ẹ̀bi àwọn ọ̀rẹ́ kọ́. Wọn ò mọ ẹni tí ilé náà wà fún, wọn ò mọ ibi tí wọn yóò ti máa kọ orúkọ náà, wọn ò sì mọ ohun tí kò fẹ́. Èyí tó tún bà á jẹ́ ni pé gbogbo wọn ń rí èsì ara wọn. Ẹni àkọ́kọ́ mú "Ògo" wá, làwọn tó kù bá tò sẹ́yìn rẹ̀: Ògo Olúwa, Ògo Tuntun, Ògo Ọ̀la.

A wá jókòó, a kọ ọ́ ní ímeèlì. Ìdí tí a fi yan ímeèlì ni pé a lè to àdírẹ́sì gbogbo wọn sí ojú BCC, kí ẹnikẹ́ni má rí ẹlòmíì, kí èsì kálukú sì wọlé lọ́tọ̀. Lẹ́tà náà nìyí:

"Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú ìtọ́jú ilé.

Mo fẹ́ ṣí ilé lẹ́sìnnì ní Àkóbọ̀ fún àwọn ọmọ girama, láti kíláàsì àkọ́kọ́ títí dé àwọn tó fẹ́ ṣe Wáẹ̀kì. Ìṣirò ni màá fi bẹ̀rẹ̀. Tó bá yá, màá fi Físíìsì àti Kẹ́mísìrì kún un. Ọ̀sán, lẹ́yìn ilé ìwé, àti àárọ̀ Sátidé la ó máa ṣe é, ọmọ mẹ́jọ péré ni yóò sì máa jókòó lẹ́ẹ̀kan. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ tí mo ní lọ́kàn, ẹ̀rù ìṣirò ló ń bà wọ́n.

Orúkọ ni mo ń wá lọ́wọ́ yín. Kó má ju ọ̀rọ̀ méjì lọ, ká tó wá fi 'Lẹ́sìnnì' tì í. Kí ìyá tó ń ta ata lè pè é, kí ọmọ rẹ̀ sì lè kọ ọ́ sílẹ̀ láì béèrè lẹ́ẹ̀kejì. Bí a bá yọ àmì ohùn kúrò lórí rẹ̀, kó má di ọ̀rọ̀ mìíràn. Kó má so mọ́ ìṣirò nìkan, kó má sì so mọ́ Àkóbọ̀ nìkan, torí mi ò mọ ibi tí iṣẹ́ lè gbé mi dé. Kí ọmọ Mùsùlùmí àti ọmọ Kìrìsìtẹ́nì lè wọlé síbẹ̀ láì wẹ̀yìn. Kó má sì ṣèlérí èsì ìdánwò fún ẹnikẹ́ni.

Mi ò fẹ́ orúkọ ara mi. Mi ò fẹ́ Ògo, Adé tàbí Ìṣẹ́gun. Mi ò sì fẹ́ 'Kọ́lẹ́jì' tàbí 'Akádẹ́mì'.

Ẹ fi orúkọ mẹ́ta ránṣẹ́, ó pẹ́ tán alẹ́ Sátidé tó ń bọ̀, kí ẹ sì fi gbólóhùn kan gbe ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́sẹ̀. Èmi ni màá yàn, a ò ní dìbò. Ẹni tí mo bá mú orúkọ rẹ̀, ọpẹ́ àti abọ́ ìrẹsì kan ló ń dúró dè é, orúkọ náà á sì di ti ilé lẹ́sìnnì pátápátá. Bí ẹ ò bá rí nǹkan kan, ẹ má ṣèyọnu. Àdúrà yín náà ń wúlò, àmọ́ ẹ fi ránṣẹ́ lọ́tọ̀."

Ó gùn ju gbólóhùn àkọ́kọ́ lọ dáadáa, iṣẹ́ tí yóò dé lẹ́yìn rẹ̀ ló sì dín kù. Gbólóhùn tó sọ ohun tí kò fẹ́ ló wúlò jù lójú tèmi, torí òun ló dí ojú ọ̀nà tí gbogbo ẹsẹ̀ ti máa ń gbà. Èyí tó ní a ò ní dìbò náà ṣe pàtàkì. Bí èèyàn bá jẹ́ káwọn ọ̀rẹ́ dìbò, orúkọ tí kò bí ẹnikẹ́ni nínú ló máa ń wọlé, irú orúkọ bẹ́ẹ̀ kì í sì í dúró lọ́kàn ẹnikẹ́ni.

Ọ̀rọ̀ àmì ohùn ló ya àwọn ọ̀rẹ́ lẹ́nu. Àwọn tó ń kọ pátákó kì í sábà fi àmì sí i, àdírẹ́sì ímeèlì kì í ní in, ìwé báńkì kì í ní in. Nítorí náà, ìhòòhò ni ọ̀pọ̀ èèyàn yóò kọ́kọ́ bá orúkọ náà. Ẹnì kan fi "Òye" ránṣẹ́, ó sì dùn létí. Ṣùgbọ́n tí a bá kọ ọ́ ní OYE gàdàgbà, ẹni tó ń kọjá lọ nínú mọ́tò lè kà á sí oyè tí wọ́n ń jẹ láàfin, ẹlòmíì á ní ọyẹ́ ló ti dé. "Ọgbọ́n" náà di OGBON, ó sì di owó tí wọ́n ń kà. Ìkékúrú tún ní wàhálà tirẹ̀. Ọ̀rẹ́ kan tó fẹ́ràn àlàyé mú "Òye, Ṣíṣe àti Ìmọ̀" wá. Ó dára gan-an, àfi ìgbà tí a to lẹ́tà àkọ́kọ́ wọn sára ṣẹ́ẹ̀tì àwọn ọmọ, tó di Òṣì.

Ti ìlérí èsì náà ní ìdí. Gbogbo òbí ní Nàìjíríà ló mọ ohun tí wọ́n ń pè ní mírákù sẹ́ńtà, níbi tí wọ́n ti ń gbowó kí ọmọ lè rí ìdáhùn kọ nínú yàrá ìdánwò. Bí orúkọ ilé lẹ́sìnnì bá ti ń pariwo àṣeyege dájúdájú, irú ibẹ̀ ló ń rántí ẹni. Òbí tó ń wá ẹ̀kọ́ á kọjá, èyí tó ń wá mírákù á sì yà wọlé, yóò bínú nígbà tí kò bá rí i. "Kọ́lẹ́jì" ní ewu tirẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn òbí á rò pé odindi ilé ìwé ni, iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ìpínlẹ̀, tó ń fọwọ́ sí ilé ìwé aládàáni, sì lè wá béèrè ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó kàn ń kọ́ ọmọ mẹ́jọ ní ọ̀sán.

Ẹnì kan ṣì ta kú pé orúkọ ara ẹni ló dára jù. Kò jẹ̀bi. Ọ̀gbẹ́ni Tóórù Kùmọ́ọ̀nù, tíṣà ìṣirò ará Japáànù, ló bẹ̀rẹ̀ sí kọ ìwé ìdánrawò fún ọmọ rẹ̀ ní 1954, orúkọ ìdílé rẹ̀ ni àwọn ilé ẹ̀kọ́ àfikún tó ti ibẹ̀ jáde sì ń jẹ́ káàkiri àgbáyé lónìí. Àmọ́ ọ̀rẹ́ mi ń ronú tíṣà kejì àti ìkẹta tí yóò gbà síṣẹ́. Bí orúkọ ẹnì kan bá wà lójú pátákó, òun ni gbogbo òbí á fẹ́ kó kọ́ ọmọ tiwọn. Òfin pàápàá kò fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ kó rọrùn jù: ẹni tó ń fi orúkọ ara rẹ̀ gangan ṣòwò kò ní láti fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, ṣùgbọ́n tó bá ti fi "Lẹ́sìnnì" kún un, ó di dandan.

Lẹ́yìn tí a gbọn èsì náà, orúkọ mẹ́ta ló kù sórí ajọ̀: Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, Gbòǹgbò àti Fìtílà. A gbé wọn fún àwọn tí kò mọ nǹkan kan nípa ọ̀rọ̀ náà. A pe ìbátan kan lórí fóònù, a sọ ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan péré, a ní kó kọ ọ́ ránṣẹ́. A tún ní kí àwọn ọmọ tó ń bá a ṣe lẹ́sìnnì nílé tẹ́lẹ̀ sọ èyí tí ojú ò ní tì wọ́n láti dá fún ọ̀rẹ́ wọn lóhùn.

Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni mo fẹ́ràn jù, torí àwọn ọmọ tí ẹ̀rù ń bà. Àwọn ọmọ náà ló pa á. Wọ́n ní bí wọ́n bá sọ pé Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ làwọn ń lọ, àwọn ẹgbẹ́ wọn á sọ pé àwọn tí orí wọn ò tètè gbé nǹkan ló ń lọ síbẹ̀. Àgbàlagbà ò ní ronú ibẹ̀ yẹn láé. Gbòǹgbò lágbára, àmọ́ ìbátan wa kọ ọ́ ní Gbogbo. Fìtílà wọlé láìsí wàhálà: kò ní lẹ́tà tó ní àmì ìsàlẹ̀, bí a bá bọ́ àmì ohùn lára rẹ̀ kò di nǹkan mìíràn, àwọn Hausa tó wà ládùúgbò sì ń pè é bẹ́ẹ̀ náà. Àléébù rẹ̀ ni pé kò ṣàjèjì, ẹlòmíì lè ti mú un.

Ìyẹn la ṣe yẹ̀ ẹ́ wò níwájú ohun gbogbo, nínú ìwé ìforúkọsílẹ̀ àjọ ìjọba àpapọ̀ tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí Sí-Éè-Sí, tí ẹnikẹ́ni lè wò lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Òfin ilé iṣẹ́ ti 2020 kò gbà kí orúkọ méjì jọra tàbí kó fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra débi tí yóò fi tan èèyàn jẹ, kò sì gbà kí èèyàn lo ọ̀rọ̀ bíi Fẹ́dírà, Náṣọ́nà tàbí Ìjọba láì gba àṣẹ. Àwọn mìíràn ti ń fi Fìtílà ṣe òwò tiwọn, nítorí náà a wá ọ̀rọ̀ kejì, a ṣe é ní Fìtílà Ọ̀sán, torí ọ̀sán làwọn ọmọ ń wá. Bàbá ilé ní ta ló ń tan fìtílà lọ́sàn-án gangan? Ọ̀rẹ́ mi rẹ́rìn-ín, ó ní ìbéèrè yẹn gan-an lòun fẹ́ káwọn òbí máa bi òun.

Orúkọ méjì ni fọ́ọ̀mù náà ń béèrè, kí àjọ náà lè bojú wo èkejì bí àkọ́kọ́ kò bá ṣeé mú. Ó kọ Fìtílà Ọ̀sán síwájú, ó fi Gbòǹgbò sẹ́yìn. Orúkọ tí wọ́n bá fọwọ́ sí, ọjọ́ 60 ni wọ́n fi ń bá èèyàn tọ́jú rẹ̀, kó lè parí ìforúkọsílẹ̀ náà. Bí àsìkò náà bá kọjá, ẹlòmíì lè mú un. Ayàwòrán pátákó ti ń pè lójoojúmọ́ láti gba owó ìdajì. A ní kó ní sùúrù títí lẹ́tà á fi jáde, ó sì dínwó kù lẹ́ẹ̀mejì kó tó gbà.